Orúkọ Méjì, Nọ́ńbà Kan

Ọjọ́ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù bá fẹ́ pín èrè ọdún ló sábà máa ń rí i pé ẹnì kan ti wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n kọ ọ́ ní Ìyá Bọ́lá lójú ìlà kan, wọ́n sì kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sójú òmíràn. Orúkọ kò lè tú àṣírí náà, nítorí orúkọ ẹnì kan lè pọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà fún un, ìyẹn NIN, ló lè tú u, torí pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó sì jẹ́ díjíìtì 11. Bí ìwé náà bá wà nínú Excel, kọ̀ǹpútà lè kọ nọ́ńbà tó ti wà tẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ká ní orúkọ wà ní òpó A, NIN wà ní òpó B, ímeèlì wà ní òpó C. Ẹ kọ́kọ́ sọ òpó B di Text, kí Excel má baà gé òdo tó bá wà níwájú nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fa máòsì láti B2 dé B500, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Data Validation, ẹ mú Custom lábẹ́ Allow, kí ẹ wá kọ èyí sínú Formula:

```
=AND(LEN(B2)=11,ISNUMBER(B2+0),COUNTIF($B$2:$B$500,B2)=1)
```

Ìbéèrè mẹ́ta ni fọ́múlà yìí ń bi ohun tí a bá tẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yege nínú gbogbo wọn. LEN ń wò ó bóyá ó pé 11. B2+0 ń fi òdo kún un: bí ẹnì kan bá ti tẹ lẹ́tà O dípò òdo, ìṣirò náà kò ní ṣeé ṣe, ISNUMBER yóò sì kọ̀ ọ́. COUNTIF ló ń ka iye ìgbà tí nọ́ńbà náà wà nínú òpó. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ náà wà nínú kíkà yìí, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn tó tọ́ fi jẹ́ 1, tí kì í ṣe 0. Bí 12345678901 bá wà ní B12, tí akọ̀wé tún tẹ̀ ẹ́ sí B47, COUNTIF yóò ka 2, Excel yóò sì kọ̀ ọ́. Ní Error Alert, ẹ jẹ́ kó wà lórí Stop, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tiyín síbẹ̀: «NIN yìí ti wà nínú ìwé». Warning kò tó, torí pé ó máa ń fún ẹni tó ń tẹ̀wé láyè láti sọ pé òun ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àmì $ ló ń so ibi tí à ń kà mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ìlà 47 yóò bẹ̀rẹ̀ kíkà láti B47 lọ sísàlẹ̀, kò sì ní rí B12 láéláé. Ẹ dán an wò: ẹ tẹ nọ́ńbà ìlà kejì sí ìlà tó kẹ́yìn. Bí Excel bá gbà á, $ ti sọnù nìyẹn. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí Excel ti sábà máa ń sọ Faransé, AND di ET, LEN di NBCAR, ISNUMBER di ESTNUM, COUNTIF di NB.SI, àmì ; sì rọ́pò kọ́mà.

Fún ímeèlì, ẹ ṣe bákan náà láti C2 dé C500:

```
=AND(COUNTIF(C2,"?*@?*.??*")=1,LEN(C2)-LEN(SUBSTITUTE(C2,"@",""))=1,ISERROR(FIND(" ",C2)))
```

Apá àkọ́kọ́ ń fẹ́ kí ohun kan wà ṣáájú @, kí òmíràn tẹ̀ lé e, kí dọ́ọ̀tì wà, kí ó kéré tán lẹ́tà méjì sì wà lẹ́yìn dọ́ọ̀tì náà. Apá kejì kò gbà kí @ ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀kẹta kò sì gba àlàfo. bisi@example,com kò ní wọlé, torí kọ́mà ló wà níbi tó yẹ kí dọ́ọ̀tì wà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọ gmial.com dípò gmail.com, yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìrísí àdírẹ́sì nìkan ni fọ́múlà yìí mọ̀. Lẹ́tà tí a bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀, tí olúwarẹ̀ sì fèsì, ló lè fi hàn pé ó wà lóòótọ́.

Ibi tó léwu jù ni ẹ̀dà tí a ń lẹ̀ wọlé. Ohun tí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ nìkan ni Excel ń yẹ̀ wò. Bí akọ̀wé bá fi Ctrl+V lẹ nọ́ńbà láti inú ìwé Excel mìíràn, kì í ṣe pé yóò wọlé nìkan, ó lè pa òfin tó wà níbẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú. Ẹ fi Paste Special lẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú Values, kí òfin náà lè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Data Validation, kí ẹ mú Circle Invalid Data. Yóò fi àmì pupa yí gbogbo èyí tó rú òfin ká, títí kan àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó ṣòfin. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ méjì, méjèèjì ni yóò yí ká, torí kò mọ ìlà tó yẹ kó dúró. Kí ẹ tó pa ọ̀kan rẹ́, ẹ pe Ìyá Bọ́lá, kí ẹ sì wo owó tó ti wọlé lójú ìlà kọ̀ọ̀kan.