Ìdí Tí Fídíò Tí A Gé Fi Máa Ń Bẹ̀rẹ̀ Ṣáájú Ibi Tí A Ti Gé E

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gé fídíò. Èkíní ni kí wọ́n gé e níbi férémù tí wọ́n fẹ́ gan-an, láìsí àsọdùn, láìsí àsọkù. Èkejì ni kí wọ́n gé e níbi férémù pípé tó wà nítòsí ibẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ fídíò ń pè ní kíférémù. Ọ̀nà kejì yìí yára púpọ̀, kì í sì í dín ẹwà àwòrán kù rárá, ṣùgbọ́n òun náà ló ń fà á tí fídíò tí wọ́n ti gé fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ṣáájú ibi tí wọ́n sọ pé kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán tó dúró sójú kan ni fídíò. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń rí wọn bí ohun tó ń rìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn àwòrán yìí ni férémù. Bí fídíò bá fẹ̀ tó 1920, tó sì ga tó 1080, tí wọ́n sì tọ́jú gbogbo àwọ̀ inú férémù kan láìfún un pọ̀, férémù kan ṣoṣo náà yóò gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 6. Bí férémù 25 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò ìṣẹ́jú kan péré yóò ju gígábáìtì 9 lọ. Kò sí fóònù tó lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún fídíò pọ̀.

Ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni H.264, tó jáde ní ọdún 2003. Ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń tọ́jú férémù lódindi. Nínú àwọn férémù tó kù, ohun tó yí padà nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Ó dà bí oníṣòwò tó ka gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, tó wá ń kọ kìkì ohun tó tà àti ohun tó rà ní àwọn ọjọ́ yòókù. Bí ẹnìkan bá fa ojú ìwé Ọjọ́bọ̀ nìkan ya, tó gbé e lọ, kò lè mọ iye ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní láti padà sí ojú ìwé ọjọ́ Ajé, kó sì ka gbogbo ojú ìwé tó wà láàárín.

Férémù tó wà lódindi yẹn ni kíférémù. Nínú àwọn tó kù, àwọn kan ń wo ẹ̀yìn nìkan kí wọ́n tó mọ bí àwòrán wọn ṣe rí. Àwọn mìíràn ń wo ẹ̀yìn, wọ́n sì tún ń wo iwájú. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè dá fara hàn lójú ẹ̀rọ láìsí kíférémù tó ṣáájú rẹ̀. Bí kíférémù méjì ṣe jìnnà síra tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe fáìlì náà. x264, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fún fídíò pọ̀ sí H.264, máa ń jẹ́ kí férémù tó tó 250 kọjá kó tó fi dandan gbé kíférémù tuntun kalẹ̀, àyàfi bí ìran bá yí padà lójijì, tí yóò gbé òmíràn síbẹ̀ ṣáájú àkókò. Bí férémù 25 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 250 jẹ́ odidi ìṣẹ́jú àáyá 10.

Kí a mú fídíò ìgbéyàwó kan tó ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ín fẹ́ gé ibi tí ìyàwó ti ń jó wọlé, láti ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 37, kó sì gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 40. FFmpeg ló fẹ́ lò, ètò ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ áàpù ìgéfídíò ń lò lábẹ́lẹ̀. Àṣẹ tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn nìyí:

```
ffmpeg -ss 00:12:37 -i igbeyawo.mp4 -t 40 -c copy ijo.mp4
```

Ọ̀rọ̀ tó wà ní `-c copy` ni pé kí ètò náà kàn da fídíò kọ bó ṣe wà, kó má tú u, kó má sì tún un fún pọ̀. Iṣẹ́ náà máa ń parí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí kíférémù bá wà ní 12:30, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì wà ní 12:40, férémù tó wà ní 12:37 kò lè dá dúró. FFmpeg ní láti padà sí 12:30, kó sì kó gbogbo férémù tó wà láti ibẹ̀ dé 12:37 mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú àáyá 7 ni ìyẹn, férémù 175 tí kò sẹ́ni tó béèrè fún wọn. Férémù 1000 ni ẹni náà fẹ́. 1175 ni yóò wà nínú fáìlì.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ì bá rí i pé fídíò náà ṣíwájú. Ohun tó ń da orí rú ni pé fídíò kan náà lè bẹ̀rẹ̀ síbi tó yẹ lórí fóònù kan, kó sì bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 7 ṣáájú lórí òmíràn. Fáìlì MP4 ní àyè fún àkọsílẹ̀ kékeré kan tó ń sọ fún ẹ̀rọ apá tí yóò fi hàn àti apá tí yóò fò. FFmpeg máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ̀rọ tú férémù 175 àkọ́kọ́ láìfi wọ́n han ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tó bá ka àkọsílẹ̀ yìí yóò bẹ̀rẹ̀ ní 12:37. Èyí tí kò bá kà á yóò bẹ̀rẹ̀ ní 12:30. Nígbà mìíràn, ó tiẹ̀ lè jẹ́ àwòrán nìkan ni kò ka àkọsílẹ̀ náà sí, tí ohùn ka tirẹ̀, kí ẹnu olórin àti orin rẹ̀ má bára mu mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àṣírí pẹ̀lú. Ẹni tó gé ibi tí nọ́ńbà àkáǹtì tàbí ojú ọmọdé ti hàn kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò lè rò pé kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí pé òun kò rí i lórí fóònù òun. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà àdàkọ ló fi gé e, apá náà ṣì lè wà nínú fáìlì, tí ẹlòmíràn yóò sì rí i. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, a lè ní kí ẹ̀rọ má ka àkọsílẹ̀ náà sí:

```
ffplay -ignore_editlist 1 ijo.mp4
```

Bí ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ bá yọjú níbẹ̀rẹ̀, ó dájú pé kò tíì kúrò.

Àwọn kan máa ń gbé `-ss` sẹ́yìn orúkọ fáìlì nínú àṣẹ, nítorí wọ́n gbọ́ pé ó péye jù. Bó bá jẹ́ àdàkọ ni wọ́n ṣì ń ṣe, ìṣòro náà á kàn pa ẹ̀gbẹ́ dà ni. FFmpeg yóò ju gbogbo ohun tó ṣáájú 12:37 nù, kò sì ní gba férémù kankan títí kíférémù 12:40 yóò fi dé. Ohùn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní 12:37, ṣùgbọ́n àwòrán yóò dúdú tàbí kó dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Ẹni tó bá rí fídíò tó ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn kó tó hàn, ohun tó sábà máa ń fà á nìyí.

Láti gé e níbi férémù gan-an, wọ́n ní láti tú fídíò náà, kí wọ́n sì tún un fún pọ̀:

```
ffmpeg -ss 00:12:37 -i igbeyawo.mp4 -t 40 -c:v libx264 -crf 18 -c:a aac ijo.mp4
```

Nínú èyí, FFmpeg ṣì ń padà sí 12:30, ó ń tú férémù 175 náà kó lè mọ bí èyí tó wà ní 12:37 ṣe rí, ṣùgbọ́n ó ń jù wọ́n nù lẹ́yìn náà. Férémù 12:37 wá di kíférémù fáìlì tuntun. Gbogbo ẹ̀rọ ni yóò bẹ̀rẹ̀ síbi kan náà, kò sì sí ohun kankan tó fara pamọ́. Owó tí wọ́n san fún un ni àkókò, àti ìwọ̀nba ẹwà àwòrán tó ń sọnù nígbàkígbà tí wọ́n bá tún fídíò fún pọ̀. Nọ́ńbà tó wà níwájú `-crf` ló ń pinnu bó ṣe máa pọ̀ tó: bó bá ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń dára sí, tí fáìlì sì ń tóbi sí. Ní 18, ojú kì í sábà rí ìyàtọ̀.

Ọ̀nà àárín kan wà, tí áàpù bíi LosslessCut ní lábẹ́ orúkọ `Smart cut`. Ó máa ń tún férémù 75 tó wà láàárín 12:37 àti 12:40 nìkan fún pọ̀, yóò wá da 925 tó kù kọ bí wọ́n ṣe wà. Àléébù rẹ̀ wà ní ojú ibi tí wọ́n so méjèèjì pọ̀. Bí ètò ìfúnpọ̀ apá tuntun kò bá bá ti àtijọ́ mu dáadáa, àwòrán lè bàjẹ́ tàbí kó ta níbẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n wo ibẹ̀ kí wọ́n tó fi fáìlì náà ránṣẹ́.

Òpin fídíò kì í fa wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Láti iwájú lọ sẹ́yìn ni ẹ̀rọ ń tú férémù, nítorí náà ó lè dúró ní nǹkan bíi ibi tí wọ́n bá sọ láìdúró de kíférémù. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ìṣòro wà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí kíférémù wà kó tó gé e lè béèrè lọ́wọ́ fáìlì fúnra rẹ̀:

```
ffprobe -v error -select_streams v:0 -skip_frame nokey -read_intervals 745%765 -show_entries frame=pts_time -of csv=p=0 igbeyawo.mp4
```

Àkókò tí yóò kọ síta, ní ìṣẹ́jú àáyá, ni ti àwọn kíférémù tó wà nítòsí 12:37. Nínú àpẹẹrẹ wa, 750 àti 760 yóò wà lára wọn. Bó bá ṣeé ṣe láti gé e ní 750, ọ̀nà àdàkọ tó, kò sì sí ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fara pamọ́. Ẹni tó ń gba fídíò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ náà lè dín ìṣòro kù láti ìbẹ̀rẹ̀ bó bá jẹ́ kí kíférémù máa wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Fáìlì yóò tóbi díẹ̀ sí i. Nínú àwọn irú fídíò bíi ProRes, tí férémù kọ̀ọ̀kan wà lódindi fúnra rẹ̀, ìṣòro yìí kò sí rárá, ṣùgbọ́n fáìlì wọn máa ń tóbi gan-an.

Nítorí náà, àdàkọ dára fún ẹni tó kàn fẹ́ dín fídíò gígùn kù, tí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ péye, tàbí pé ohun tí wọ́n gé kúrò kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹlòmíràn, kí wọ́n tún un fún pọ̀.