Ẹ jẹ́ ká mọ̀: BAC+3 lójú agbanisíṣẹ́ Èkó

Ọdún ni ìkéde iṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sábà máa ń fi ka ìwé ẹ̀rí, bẹ̀rẹ̀ láti BAC. Ìdánwò àṣejáde girama ni BAC. Iye ọdún ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà iwájú rẹ̀: BTS jẹ́ BAC+2, lísáǹsì jẹ́ BAC+3, másítà sì jẹ́ BAC+5.

Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìdáàṣà, ìyẹn Dassa-Zoumè, kọ “Comptable, BAC+3” ránṣẹ́ sí agbanisíṣẹ́ kan ní Èkó. Bí wọ́n bá tú u sí “ọdún 3 ní yunifásítì”, ará Èkó yóò rò pé ẹni tí kò kàwé parí ni wọ́n ń wá, nítorí ọdún 4 ni BSc ìṣirò owó ń gbà ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀, ìpele 6 ni lísáǹsì àti BSc jọ wà nínú àtẹ ISCED ti UNESCO. Ohun tó yẹ ní kíkọ ni: “lísáǹsì (BAC+3) tàbí BSc, ISCED 6”.

Orúkọ iṣẹ́ ló tún léwu jù. Oníṣirò owó lásán ni “comptable”. “Expert-comptable” ló súnmọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ICAN. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò rí àwọn tí owó oṣù wọn ga ju agbára ilé iṣẹ́ lọ. Kí orúkọ Faransé náà wà níbẹ̀, kí iṣẹ́ gan-an sì tẹ̀ lé e: kíkọ ìwé owó, sísan owó oṣù, ṣíṣètò owó orí. ISCED kò lè ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Ìpele ẹ̀kọ́ nìkan ló ń sọ, kì í sọ ẹni tó láṣẹ láti buwọ́ lu àyẹ̀wò ìwé owó.