Títa Ọjà ní Náírà àti ní Sẹ́fà: Bí a ṣe ń Pa Owó Méjèèjì Pọ̀ Láìsí Ìtànjẹ

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó wà nítòsí ibodè a máa ta ọjà ní owó oríṣi méjì. Àwọn àgbẹ̀ Ìmẹ̀kọ, fún àpẹẹrẹ, lè ta gàárì fún àwọn oníbàárà Abẹ́òkúta ní náírà, kí wọ́n sì ta òmíràn ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní sẹ́fà. Nígbà tí ọdún bá parí, akọ̀wé ẹgbẹ́ ní láti sọ iye tí a tà lápapọ̀. A kò lè ro náírà pọ̀ mọ́ sẹ́fà láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ sọ ọ̀kan di èkejì. Nínú ìwé yìí, náírà ni a ó fi gbogbo ìṣirò hàn. A ó ṣàlàyé bí a ṣe ń sọ sẹ́fà di náírà, tí ìṣirò náà kò fi ní sọ fún yín pé ọjà ń tà sí i nígbà tí kò tà.

1. Ohun tí ó ń fa ìtànjẹ náà

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999 ni a ti so sẹ́fà mọ́ yúrò, owó ilẹ̀ Yúróòpù. Yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, iye yìí kò sì yí padà. Náírà kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí náírà 470 lọ́dọ̀ ìjọba ti kọjá náírà 600 lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti ju náírà 1,500 lọ. Yúrò gòkè pẹ̀lú dọ́là, sẹ́fà sì tẹ̀ lé yúrò.

Ẹni tí ó ń ta gàárì ní Kétu ní iye kan náà ní sẹ́fà, tí kò sì fi àpò kan kún ohun tí ó ń tà, yóò rí i pé owó rẹ̀ ní náírà ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po. Owó náà kì í ṣe irọ́, nítorí náírà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títà ni ó mú un wá. Bí ìwé ẹgbẹ́ kò bá ya nǹkan méjèèjì yìí sọ́tọ̀, ìpinnu tí ẹ bá gbé karí rẹ̀ yóò wọ́.

2. Ohun tí ẹ ó máa kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá tà

Ẹ fa ìlà fún ìtajà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìtajà, kí ẹ sì kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sí i: ọjọ́ tí a tà á, iye àpò, owó tí oníbàárà san gẹ́gẹ́ bí ó ti san án gan-an (náírà tàbí sẹ́fà), iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ náà, àti iye náírà tí ó jásí. Ẹ má ṣe kọ náírà nìkan kí ẹ sì gbàgbé sẹ́fà tí ó bí i. Bí a bá ti pàdánù iye sẹ́fà, kò sí ẹni tí ó lè tún ìṣirò náà ṣe mọ́.

Ẹ kọ iye pàṣípààrọ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo nígbà gbogbo. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ ni láti kọ iye náírà tí ó wà nínú sẹ́fà 1,000. Akọ̀wé tí ó bá kọ ọ́ báyìí lónìí, tí ó sì kọ iye sẹ́fà tí ó wà nínú náírà 1,000 lọ́la, yóò sọ ìlọ́po di pínpín láìmọ̀.

Ibì kan náà ni kí ẹ ti máa gba iye pàṣípààrọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, iye báńkì àti iye tí àwọn tí ń ṣẹ́ owó ní ibodè ń gbà jìnnà sí ara wọn púpọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá lo iye báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, tí ó sì yí sí iye ibodè kí ọdún tó parí, yóò rí ìfòsókè kan nínú ìwé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pa lọ́jà. Iye tí ẹ fi ń ṣẹ́ owó yín gan-an ni ó tọ́ láti lò. Bí ọjọ́ ìtajà bá bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ kò rí iye gbà, ẹ lo iye ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kì í ṣe ti ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e.

3. Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ kan tí ó ń fi oṣù kàrún-ún ọdún 2024 wé oṣù kàrún-ún ọdún 2023. A ti sọ àwọn iye inú rẹ̀ di èyí tí ó rọrùn láti ṣírò.

Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ náà ta gàárì náírà 600,000 ní Abẹ́òkúta, ó sì ta ti sẹ́fà 500,000 ní Kétu. Sẹ́fà 1,000 jẹ́ náírà 1,200 nígbà náà. Ní ọdún 2024, ó ta ti náírà 720,000 ní Abẹ́òkúta, ó sì ta ti sẹ́fà 400,000 ní Kétu. Sẹ́fà 1,000 ti di náírà 2,400.

Akọ̀wé kìíní lo iye ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọdún náà. Akọ̀wé kejì lo iye tuntun, náírà 2,400, fún ọdún méjèèjì. Akọ̀wé kẹta lo iye àtijọ́, náírà 1,200, fún ọdún méjèèjì. Ẹ wo ohun tí ìwé wọn sọ:

| Akọ̀wé | Ọdún 2023 (náírà) | Ọdún 2024 (náírà) | Ohun tí ó fi hàn |
|---|---|---|---|
| Kìíní | 1,200,000 | 1,680,000 | ìbísí 480,000 |
| Kejì | 1,800,000 | 1,680,000 | àdínkù 120,000 |
| Kẹta | 1,200,000 | 1,200,000 | kò sí ìyípadà |

Ìtajà kan náà ni, ṣùgbọ́n ó sọ ìtàn mẹ́ta. Kò sí èyí tí ó ṣi ìṣirò ṣe nínú wọn, ohun tí kálukú fi wọ̀n ọ́n ni ó yàtọ̀.

Ti akọ̀wé kìíní ni ìwé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀, nítorí iye náírà tí ìtajà náà jẹ́ lọ́jọ́ rẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ iwájú kò sì lè yí i padà. Akọ̀wé kejì ṣe ohun tí kò yẹ sí àkọsílẹ̀: ó fún ẹgbẹ́ ní náírà 1,800,000 ní ọdún 2023, owó tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí lọ́dún náà. Bí ẹ bá sì ń fi iye òní tún gbogbo ìwé àtijọ́ kọ, ọdún àná yóò máa yí padà ní gbogbo ìgbà tí náírà bá mì.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà ń tà sí i, ti akọ̀wé kẹta ni ẹ ó wò. Ẹ yan iye kan, ẹ pè é ní iye ìpìlẹ̀, kí ẹ sì fi ṣírò ọdún méjèèjì nínú òpó tí ó dá dúró. Ìyàtọ̀ láàárín ìwé kìíní àti ìwé kẹta ní ọdún 2024 ni náírà 480,000. Sẹ́fà 400,000 tí ó fi náírà 1,200 gbówó lórí nínú 1,000 kọ̀ọ̀kan ni ó bí i. Gbogbo ìbísí tí akọ̀wé kìíní fi hàn ni pàṣípààrọ̀ mú wá.

Ẹ kíyè sí i pé iye ìpìlẹ̀ tí a yàn ní agbára lórí ìdáhùn. Bí a bá fi 2,400 ṣe ìpìlẹ̀, àdínkù ni a ó rí, nítorí ọjà Kétu tí ó rẹ̀ sílẹ̀ yóò wúwo ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹ kọ iye ìpìlẹ̀ àti ọdún rẹ̀ sí orí òpó náà, ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún. Ẹ tún kọ ọjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ní owó tirẹ̀. Sẹ́fà 500,000 tí ó di 400,000 kò nílò pàṣípààrọ̀ kankan kí a tó mọ̀ pé Kétu ti fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹlẹ̀.

4. Ohun tí iye ìpìlẹ̀ kò lè fi hàn

Iye ìpìlẹ̀ ń mú ìyípadà pàṣípààrọ̀ kúrò. Kì í mú ọ̀wọ́n ọjà kúrò. Nínú àpẹẹrẹ wa, àpò gàárì kan jẹ́ náírà 30,000 ní Abẹ́òkúta ní ọdún 2023, ó sì di 60,000 ní ọdún 2024. Ní Kétu, sẹ́fà 25,000 ni ní ọdún méjèèjì. Ẹ wá ka àpò: 20 ní Abẹ́òkúta àti 20 ní Kétu ní ọdún àkọ́kọ́, 12 àti 16 ní ọdún kejì. Àpò 40 ti di 28.

Ẹgbẹ́ tí ó bá wo ìwé akọ̀wé kìíní nìkan lè lọ yá owó ra ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kejì, nígbà tí èyí tí ó wà nílẹ̀ kò ríṣẹ́ tó mọ́. Ìdí nìyí tí òpó iye àpò kò fi gbọdọ̀ ṣófo láé. Bí owó bá ń gòkè tí àpò ń dínkù, ẹ wádìí ọ̀ràn náà kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀yáwó.

5. Ìdá-méjì oṣù àti ọjà àwìn

Akọ̀wé kan lè fẹ́ lo iye kan fún gbogbo oṣù kí iṣẹ́ lè yá. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé, èyí tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ 21, gba èyí láàyè bí pàṣípààrọ̀ kò bá mì púpọ̀. Bí ó bá mì, kò tọ́. Ká ní sẹ́fà 1,000 jẹ́ náírà 1,200 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, tí ó sì di 1,400 ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Ẹ ta ti sẹ́fà 100,000 ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì ta ti 20,000 péré ní ìparí. Iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún yín ní náírà 120,000 àti 28,000, àpapọ̀ rẹ̀ 148,000. Bí ẹ bá lo 1,300, tí ó wà láàárín, ẹ ó rí 156,000. Náírà 8,000 ti wọ inú ìwé láìsí ẹni tí ó san án, nítorí púpọ̀ nínú ọjà náà ti tà kí sẹ́fà tó gòkè.

Ní ti ọjà àwìn, iye ọjọ́ tí a ta ọjà ni ẹ ó fi kọ ìtajà, kì í ṣe ti ọjọ́ tí owó wọlé. Bí ẹ bá ta ti sẹ́fà 250,000 nígbà tí 1,000 jẹ́ náírà 2,400, ìtajà náà jẹ́ náírà 600,000. Bí oníbàárà bá san án lẹ́yìn oṣù kan, tí 1,000 ti rẹlẹ̀ sí 2,300, náírà 575,000 ni yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe lọ dín ìtajà kù. Ẹ kọ náírà 25,000 náà sí ojú ewé ọ̀tọ̀ tí a pè ní àdánù pàṣípààrọ̀. Bí sẹ́fà bá gòkè dípò kí ó rẹlẹ̀, ojú ewé yẹn náà ni èrè rẹ̀ yóò lọ. Nípa báyìí, ẹ ó lè rí i ní òpin ọdún bóyá ọjà ni ó ń jẹ yín lówó, tàbí àwìn tí ó pẹ́ jù lọ́wọ́ oníbàárà.