Ọ̀rọ̀ kékeré "nìkan" nínú ìṣirò róbótó mẹ́ta

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti wọ girama, irú ìbéèrè yìí ò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá tí tíṣà fún un níbí. Ó sì lè jẹ́ pé bàbá àgbà ló ya fọ́tò rẹ̀ láti inú ìwé ìdánwò Nàìjíríà, tó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù pé kí ọmọ-ọmọ òun gbìyànjú rẹ̀ wò. Bó ṣe máa ń rí nìyí:

Akẹ́kọ̀ọ́ 60 ló wà ní kíláàsì kan. Nínú wọn, 32 ń ṣe Físíìsì, 30 ń ṣe Kẹ́mísìrì, 28 sì ń ṣe Bàólójì. Àwọn 14 ń ṣe Físíìsì àti Kẹ́mísìrì, àwọn 12 ń ṣe Kẹ́mísìrì àti Bàólójì, àwọn 11 ń ṣe Físíìsì àti Bàólójì. Àwọn 5 ò ṣe ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni mélòó ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí mo sì ń rí ni pé nọ́ńbà kọ́ ló máa ń dà wọ́n láàmú níbí. Ọ̀rọ̀ ni. Ẹ wo ìwé ìdánwò Nàìjíríà: wọ́n á ní akẹ́kọ̀ọ́ 32 ló "ọ́fà" Físíìsì. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba á dúró sójú kan, torí pé ní tiẹ̀, ilé ìwé ló ń "ọ́fà" iṣẹ́, ọmọ ló ń yan èyí tó wù ú. Ẹ ṣáà sọ fún un pé "ń ṣe" ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìyẹn tán. Ọ̀rọ̀ tó le jù ú lọ ṣì wà níwájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwòrán. Róbótó mẹ́ta ni, wọ́n wọnú ara wọn: ọ̀kan fún Físíìsì, ọ̀kan fún Kẹ́mísìrì, ọ̀kan fún Bàólójì. A ó sì fi àpótí ńlá kan yí gbogbo wọn ká, ìyẹn ni kíláàsì. Òyìnbó tó ń jẹ́ John Venn ló gbé irú àwòrán yìí jáde ní ọdún 1880, ìdí nìyẹn tí tíṣà fi ń pè é ní àwòrán Fẹ́ẹ̀nì. Bẹ́ ẹ bá kà á dáadáa, ẹ ó rí i pé ó pín kíláàsì sí yàrá mẹ́jọ. Yàrá kan wà láàárín gbùngbùn fún àwọn tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mẹ́ta yí i ká fún àwọn tó ń ṣe méjì péré. Mẹ́ta wà létí fún àwọn tó ń ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ìkẹjọ wà lẹ́yìn róbótó, fún àwọn tí ò ṣe ìkankan. Kò sí ọmọ tó lè wà ní yàrá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ tí ò ní yàrá.

Ẹ tún wo ìbéèrè wa. Nígbà tí wọ́n ní 14 ń ṣe Físíìsì àti Kẹ́mísìrì, yàrá mélòó ni wọ́n ń sọ? Méjì ni. Ọmọ tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣebí òun náà ń ṣe Físíìsì àti Kẹ́mísìrì? Ó wà nínú 14 yẹn. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kọ 14 sínú yàrá àwọn tó ń ṣe méjì péré. Bí a bá pe àwọn tó wà láàárín gbùngbùn ní x, ohun tó máa wọ yàrá yẹn ni 14 − x. Àwọn tó kù á jẹ́ 12 − x àti 11 − x.

Bàbá ọmọ kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, fọ́múlà ni dádì mi kọ́ mi ní tèmi. Kí ni wọ́n tún ń yàwòrán sí?" Mo ní, "Bọ̀dá, ohun kan náà ni wọ́n. Àwòrán yẹn ló ń sọ ìdí tí fọ́múlà fi rí bó ṣe rí." Ẹ wò ó. Bí a bá ro 32, 30 àti 28 pọ̀, 90 la máa rí, bẹ́ẹ̀ ọmọ 60 péré ló wà ní kíláàsì. Ó hàn gbangba pé a ti ka àwọn kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó ń ṣe méjì, a kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ká tó lè tún un ṣe, a ó yọ 14, 12 àti 11 kúrò. Ẹni tó ń ṣe méjì péré ti wá di ẹ̀ẹ̀kan, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú 14, ó wà nínú 12, ó tún wà nínú 11. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kà á, ẹ̀ẹ̀mẹta la sì yọ ọ́, kò wá sí nínú ìṣirò wa mọ́ rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó sì jẹ́ pé 5 ò ṣe ìkankan, 55 ló wà nínú róbótó:

55 = 32 + 30 + 28 − 14 − 12 − 11 + x

55 = 53 + x

x = 2

Ọmọ méjì ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má tíì pa ìwé dé o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kún gbogbo yàrá, kó bẹ̀rẹ̀ láti àárín bọ̀ síta. Àárín jẹ́ 2. Àwọn tó ń ṣe méjì péré jẹ́ 12, 10 àti 9. Nínú Físíìsì tó jẹ́ 32, a ti rí 12, 9 àti 2, ó ṣẹ́ ku 9 tó ń ṣe Físíìsì nìkan. Lọ́nà kan náà, Kẹ́mísìrì nìkan jẹ́ 6, Bàólójì nìkan jẹ́ 7. Ẹ wá ro yàrá méjèèje pọ̀: 2, 12, 10, 9, 9, 6, 7. Ó jẹ́ 55. Ẹ fi 5 tó wà níta kún un, ó pé 60. Bí kò bá pé, a jẹ́ pé ibì kan ti wọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní ó le ló kàn báyìí. Ká ní ìbéèrè yẹn sọ pé "14 ń ṣe Físíìsì àti Kẹ́mísìrì nìkan", tó sì sọ "nìkan" fún 12 àti 11 náà ńkọ́? Ìtumọ̀ ti yí padà pátápátá. 14 ti wá di yàrá kan ṣoṣo, kò ní àwọn ti àárín nínú mọ́. Ní báyìí, bí a bá yọ 14, 12 àti 11 kúrò nínú 90, ẹni tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. A ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i kó lè ku ẹ̀ẹ̀kan. Ìṣirò á wá jẹ́ 55 = 53 − 2x, x á sì jẹ́ −1. Kíláàsì wo ni ọmọ tí iye rẹ̀ wà lábẹ́ òdo wà? Kò sí. Nọ́ńbà ìbéèrè wa kò lè bá "nìkan" rìn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní gbogbo nọ́ńbà tó kù, tó jẹ́ pé àárín nìkan lẹ ń wá, ọ̀nà méjèèjì ò lè bọ́ sí i pọ̀. Bí èyí bá fún yín ní nọ́ńbà tó ju òdo lọ, èkejì á bọ́ sábẹ́ òdo dandan. Òdo nìkan ni wọ́n ti lè pàdé. Nítorí náà, bí ọmọ bá rí −1 tàbí −3, kó má wulẹ̀ pa àmì yẹn rẹ́ kó kọ 1 tàbí 3. Kó padà lọ ka ìbéèrè, kó wo bóyá òun fi "nìkan" sí ibi tí kò sí, tàbí òun fò ó níbi tó wà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni nọ́ńbà máa ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n sọ fún wa pé 2 ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n wá bi wá pé mélòó ló ń ṣe ó kéré tán ẹyọ kan. Láìsí "nìkan", ìdáhùn jẹ́ 90 − 37 + 2, ìyẹn 55. Bó bá wà níbẹ̀, ó jẹ́ 90 − 37 − 4, ìyẹn 49. Kò sí yàrá kankan tó bọ́ sábẹ́ òdo nínú méjèèjì, kò sì sí ohun tó máa ta ọmọ lólobó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló gbé mẹ́fà lọ. Níbi báyìí, kíkà ló kù.

Yorùbá sì ràn wá lọ́wọ́ níbí, torí ó ní ọ̀rọ̀ tó ya àwọn yàrá wọ̀nyí sọ́tọ̀. "Méjì péré" jẹ́ 12, 10 àti 9, àpapọ̀ 31. "Ó kéré tán, méjì" kó àárín mọ́ ọn, ó di 33. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta" jẹ́ 2. Mo máa ń ní kí ọmọ fi Yorùbá sọ ìbéèrè náà fún mi kó tó mú bírò. Bó bá ti fi "péré" tàbí "nìkan" síbi tí kò yẹ, mo ti mọ ibi tó máa gbé ṣìnà.

Ó ku ọ̀kan. Nígbà mìíràn, nọ́ńbà tí wọ́n fúnni kì í tó. Yàrá mẹ́jọ ló wà, a sì nílò òtítọ́ mẹ́jọ tí kò sí èyí tó ń tún òmíràn sọ. Ẹ ka tiwa: àpapọ̀ kíláàsì, iṣẹ́ mẹ́ta, méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta, àti àwọn tí ò ṣe ìkankan. Ó pé mẹ́jọ. Bí a bá yọ "àwọn 5 ò ṣe ìkankan" kúrò, ohun tí a mọ̀ ò ju pé 53 + x pẹ̀lú àwọn tó wà níta jẹ́ 60. Àárín àti ìta á jọ pín 7 láàárín ara wọn. Àárín lè jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ 7, ó lè jẹ́ ohunkóhun tó wà láàárín wọn. Ọmọ tó bá kọ "ó wà láti òdo dé 7" ti dáhùn, ẹ má fi dandan mú un kó mú ẹyọ kan. Àmọ́ kó tún ìbéèrè kà ná: bí wọ́n bá kọ pé olúkúlùkù ń ṣe ó kéré tán ẹyọ kan, wọ́n ti sọ fún un pé ìta jẹ́ òdo.

Ẹ fi èyí dán ara yín wò nílé. Ọmọ 40 wà ní ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá, kò sí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. 22 ń lùlù, 20 ń jó, 16 ń kéwì. Àwọn 9 ń lùlù, wọ́n sì ń jó. Àwọn 8 ń lùlù, wọ́n sì ń kéwì. Àwọn 7 ń jó, wọ́n sì ń kéwì. Mélòó ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mélòó ló sì ń kéwì nìkan? Bẹ́ ẹ bá rí 6 àti 7, ẹ ti gbà á. Bó bá jẹ́ −3 lẹ rí fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kún ìbéèrè tí kò sí níbẹ̀.