Èsì Àyẹ̀wò Àtọ̀ Kan Ṣoṣo Kò Tó Fi Dájọ́

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, arákùnrin kan tẹ̀ lé mi wá sí ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ìwó Road. Ó dúró títí àwọn oníbàárà fi lọ tán kó tó yọ ìwé kan lápò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láàbù ní mi ò lè bímọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ tẹstosítẹ́rónù." Ọdún kejì rèé tó gbéyàwó. Àwọn àna rẹ̀ ti gba ẹ̀dà ìwé náà, wọ́n sì ti ń sọ pé kí ọmọ àwọn máa bọ̀ nílé.

Mo ka ìwé náà. Àtọ̀ tí wọ́n rí kò ju 0.8 mílílítà lọ. Irúgbìn inú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 9 nínú mílílítà kan. Nínú irúgbìn 100, 15 ló ń rìn, 3 péré ni ìrísí wọn sì pé. Wọ́n kọ orúkọ gígùn kan sí ìsàlẹ̀ tó ń dẹ́rù bani. Ohun tí orúkọ yẹn ń sọ kò ju pé irúgbìn kéré, wọn ò rìn dáadáa, ìrísí wọn ò sì pé. Kò sọ ohun tó fà á, kò sì sọ pé ọkùnrin náà kò lè bímọ.

Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde lọ́dún 2021, ààlà ìsàlẹ̀ jẹ́ 1.4 mílílítà, irúgbìn mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, 42 tó ń mira nínú 100, àti 4 tí ìrísí wọn pé. Àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n fi wọn ààlà yìí. Ibi tí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn bọ́ sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n fa ìlà sí. Ìyẹn ni pé àwọn tó fún ìyàwó lóyún wà lábẹ́ ìlà náà.

Ẹ tún wo ti ìrísí. Irúgbìn 200 ni ó yẹ kí wọ́n kà. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 6, mẹ́rin jẹ́ 8. Irúgbìn méjì péré ló wà láàárín "kò dára" àti "ó dára", ojú ẹlòmíràn lè rí i yàtọ̀.

Mo wá bi í bí ó ṣe gba àtọ̀ náà. Ilé ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti gbà á, nítorí kò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàbù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ jáde dà nù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni irúgbìn máa ń pọ̀ sí jù. Láti Olódó ló ti ń bọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un, ó tó wákàtí méjì kó tó dé láàbù. Ó tún fi ike náà sáàárín omi tútù, kó má bàa bàjẹ́! Òtútù a máa dá irúgbìn dúró. Ó yẹ kí ike náà wà nínú àpò tó kan ara, kó sì dé láàbù kí wákàtí kan tó pé.

Ó ku ìbéèrè kan: ṣé ara rẹ̀ yá láìpẹ́ yìí? Ó ní ibà gbé òun dè ní oṣù tó kọjá. Irúgbìn máa ń lò ju àádọ́rin ọjọ́ lọ kó tó dàgbà, ibà líle sì lè dín in kù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ara ti yá.

N kò ta abẹ́rẹ́ náà fún un. Bí tẹstosítẹ́rónù bá ti òde wọlé, ọpọlọ á rò pé ó ti tó, kò ní ránṣẹ́ sí kórópọ̀n mọ́. Irúgbìn lè gbẹ pátápátá, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó padà. Abẹ́rẹ́ yẹn ni ì bá sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà di òótọ́.

Ó dúró fún oṣù mẹ́ta. Ó yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí ọjọ́ méjì sí méje ni wọ́n ń fẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gba yàrá sí itòsí láàbù, wọ́n sì gba gbogbo rẹ̀ sínú ike. Lọ́tẹ̀ yìí ó jẹ́ 2.4 mílílítà, mílíọ̀nù 34, 46 tó ń rìn, àti ìrísí 4.

Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé èyí náà kò jẹ́rìí pé oyún á dé. Kò sọ bóyá ojú ọ̀nà ilé ọmọ ìyàwó ṣí, kò sì sọ bóyá ẹyin ń jáde déédéé. Ká ní òdo ni wọ́n rí lẹ́ẹ̀mejèèjì ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀, ó di dandan kí dókítà wá ìdí rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jọ kó ìwé méjèèjì lọ sí UCH. Ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àna rẹ̀; ó ní òun fẹ́ lọ gbà á padà.