Ta Ló Ń Ra Àdìrẹ Rẹ Gan-an?

Ká ní àdìrẹ lò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, tí oníbàárà ń kọ̀wé sí ọ lórí Wásáàpù. Ṣa 60 àtẹ̀jíṣẹ́ tó dé kẹ́yìn, kọ gbólóhùn wọn bó ṣe rí gan-an, kí o sì kọ ohun tí olúkúlùkù rà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń yin aṣọ lè pọ̀ jù, síbẹ̀ kó jẹ́ àwọn ìyá tó ń ra aṣọ ẹbí ló ń sanwó. "Ṣé aró rẹ̀ ò ní ṣí?" ni tiwọn. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni kí o máa kọ̀wé sí: lo "ẹ" fún un, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Ohun tí o kọ nípa rẹ̀ tí kò sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ìwé owó, fa igi lé e. Tún un ṣe lẹ́yìn oṣù Kejìlá, torí òde ọdún máa ń yí rírà padà.