Ìmọ̀ iṣẹ́ wo ló yẹ kó wà lókè?

Ní Tudu ní Accra, níbi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Aflao, akọ̀wé àwọn akẹ́rù ń ṣe ju iṣẹ́ akọ̀wé lọ. Òun ló ń to ìwé ẹrù, òun ló ń bá ejẹ́ńtì ẹnubodè sọ̀rọ̀, òun ló sì ń lépa ìwé lórí ICUMS, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn aṣọ́bodè Ghana ń lò láti 2020. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ìwé rẹ̀ lórí LinkedIn, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí lè jẹ́ Microsoft Word.

Ẹ jẹ́ ká fi irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní iṣẹ́ alábòójútó ìkẹ́rù ní Tema ló ń wá. Èèyàn 31 ti fọwọ́ sí Microsoft Word rẹ̀, àmọ́ méjì péré ló fọwọ́ sí Freight Forwarding. Ohun tó wà lókè ni ojú àlejò ń bà lé, òun náà ni wọ́n ń tẹ Endorse sí. Bí èyí tó ti pọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i nìyẹn.

Kí ó má wo iye yẹn rárá. Kí ó ka ìpolówó bíi márùn-ún fún ipò tó ń wá, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ tó ń jáde léraléra sílẹ̀. Bí Customs Clearance bá wà nínú wọn, bí LinkedIn ṣe dábàá rẹ̀ gan-an ni kí ó mú un, torí orúkọ yẹn ni àwọn agbanisíṣẹ́ fi ń wá èèyàn. ICUMS ní tirẹ̀ lè wà nínú àlàyé iṣẹ́ tó ti ṣe.

Ó lè kọ ìmọ̀ tó 100, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń hàn láìjẹ́ pé àlejò tẹ nǹkan kan. Ní apá Skills, kí ó yan Reorder, kí ó fa Freight Forwarding àti Customs Clearance sókè. Kí ó ṣọ́ra níbí: títò kì í ba ìfọwọ́sí jẹ́, ṣùgbọ́n bó bá pa Microsoft Word rẹ́, gbogbo 31 yẹn lọ nìyẹn. Kí ó kàn jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ̀ márùn-ún tí wọ́n ń fi sábẹ́ About náà ní yíyàn tirẹ̀, kí ó má gbàgbé rẹ̀.

Ó wá ku àwọn tó máa fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n jọ so pọ̀ tààrà nìkan ló lè ṣe é, ẹni tó sì rí iṣẹ́ náà ló yẹ kí ó bẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí ọkọ̀ aṣọ tí wọ́n dá dúró ní Aflao, tí a jọ tún ìwé rẹ̀ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí Customs Clearance.” Agbanisíṣẹ́ lè tẹ iye náà láti wo àwọn tó fọwọ́ sí i. Ejẹ́ńtì ẹnubodè méjì, lójú tèmi, sàn ju ogún mọ̀lẹ́bí tó wà ní London lọ. Ti mọ̀lẹ́bí tí kò mọ ohunkóhun nípa ẹrù ṣeé fi pa mọ́ láìsọ fún un.